Ọ̀dà Mélòó Ló Máa Tó Yàrá Kan?

Ohun tí ìṣirò ọ̀dà dúró lé ni bí àyè tí lítà kan lè kùn ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára garawa. Fún ọ̀dà olómi lórí ògiri tó dán, mítà onígun mẹ́rin 10 wọ́pọ̀.

Ká mú yàrá tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tó sì ga ní mítà 3. Àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 14. Tí a bá fi gíga sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 42. Ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì gba nǹkan bíi 5 níbẹ̀, ó ku 37. Tí a bá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó di 74, ìyẹn lítà 7.4.

Ṣùgbọ́n ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ máa ń mu ọ̀dà gan-an. Ẹ wọ́n omi sí i: tó bá fà á mu lójú ẹsẹ̀, lítà kan lè má kùn ju 7 lọ nígbà àkọ́kọ́. Lítà 5.3 àti 3.7 ni yóò wá gbà, àpapọ̀ 9. Gálọ́ọ̀nù onílítà 4 mẹ́ta ló yẹ ní rírà.

Àjà jẹ́ 12. Ẹ̀ẹ̀mejì rẹ̀ jẹ́ 24, ìyẹn lítà 2.4. Ẹ ṣírò rẹ̀ lọ́tọ̀, torí ọ̀dà funfun ni wọ́n sábà fi ń kùn ún. Gálọ́ọ̀nù kan tó o.

Ẹ má gbà kí wọ́n bu omi púpọ̀ sí ọ̀dà kó lè tó: tó bá gbẹ, àwọ̀ ìsàlẹ̀ á yọ, a ó sì tún un kùn lẹ́ẹ̀kẹta.