Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Tó Kanlẹ̀ Àbí Èyí Tó Rọ̀ Mọ́ Ògiri?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó rọ̀ mọ́ ògiri, tí ìdí rẹ̀ kò kanlẹ̀, ló ń dá àyè sí nínú balùwẹ̀ kékeré. Ẹ jẹ́ ká fi tépù wọ̀n ọ́n. Èyí tí táńkì rẹ̀ jókòó sórí abọ́ sábà máa ń yọ síwájú tó sẹ̀ǹtímítà 65 sí 70 láti ara ògiri. Abọ́ tó rọ̀ mọ́ ògiri lè má ju 54 lọ, ṣùgbọ́n férémù irin ló gbé e dúró, inú férémù náà sì ni táńkì wà. Bí bíríkìlà bá mọ àpótí bo férémù yẹn níwájú ògiri, ó tún jẹ bíi 15 sí 20. Ẹ rò ó pọ̀: èrè dà? Àfi bí férémù bá wọ inú ògiri lọ, ògiri búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 6 kò sì nípọn tó láti gbà á.

Òótọ́ ni pé ó rọrùn láti gbálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ bí omi bá ń jò láti inú táńkì sínú abọ́ ńkọ́? Lára èyí tó kanlẹ̀, ẹ ó ṣí ìdérí, ẹ ó pààrọ̀ rọ́bà, ó parí. Lára ìkejì, ojú ihò kékeré tó wà lẹ́yìn bọ́tìnì ni pọ́lọ́ńbà yóò ti ọwọ́ bọ̀, ohun èlò férémù náà gan-an ni yóò sì wá.

Fún ìdílé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ àti ògiri tín-ín-rín, èyí tó kanlẹ̀ ni kí ẹ rà.