Bí Afẹ́fẹ́ Bá Tán, Kí Ló Yẹ Kí Bíréèkì Ọkọ̀ Àjàgbé Ṣe?

Bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní gáréèjì àwọn tírélà ní Ògèrè, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ó rí awakọ̀ tó ti ṣáná sí ọkọ̀, tí ẹ́ńjìnì ń kù, síbẹ̀ tí kò tíì lọ. Ó jókòó, ó ń wo géèjì. Nǹkan kan ń dún "píìì" níwájú rẹ̀ láìdákẹ́. Ẹni tí kò mọ̀dí á rò pé ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná ni. Rárá o, afẹ́fẹ́ ló ń dúró dè. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, ọkọ̀ náà kò ní í kúrò lójú kan, torí bíréèkì ti dì í mú láti àná.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí tírélà bá ya wọ àárín ọjà, ohun tí à ń gbọ́ ni pé bíréèkì ló já, pé afẹ́fẹ́ ló tán. Nígbà tí táńkà epo gbiná lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2018, tí ọkọ̀ tó lé ní 50 jóná, bíréèkì náà ni ìròyìn ìgbà náà dárúkọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe bíréèkì ọkọ̀ ńlá, bí afẹ́fẹ́ bá tán, ńṣe ló yẹ kí ọkọ̀ dúró gbagidi. Báwo wá ni èyí tó yẹ kó dúró ṣe ń sáré?

Orí ẹ́ńjìnì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kan wà lára rẹ̀, tí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ń yí. Iṣẹ́ kan náà tí ti fọkanáísà ń ṣe lẹ́bàá títì lòun náà ń ṣe: ó ń fa afẹ́fẹ́, ó ń fún un pọ̀, ó ń tì í sínú táńkì. Lórí géèjì fọkanáísà, táyà ọkọ̀ kékeré máa ń gba bíi 32. Táńkì tírélà máa ń tó 120 kí fáàfù kan tó sọ fún kọ̀mpúrẹ́sọ̀ pé ó tó. Ariwo "ṣùúù" tí ẹ máa ń gbọ́ lára tírélà tó dúró sínú gósíló, fáàfù yẹn ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Bí awakọ̀ bá lo afẹ́fẹ́ títí géèjì fi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 100, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Táńkì kì í ṣe ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ló ń gba omi, nítorí afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń sọ omi sílẹ̀ bó bá tutù. Láti ibẹ̀ ló ti ń pín sí méjì, ọ̀kan fún bíréèkì ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ti iwájú. Fáàfù tó ń gbà á wọlé tí kì í jẹ́ kó padà wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, kí ọ̀kan má baà fa èkejì gbẹ bó bá ń jò.

Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, kì í ṣe agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ilẹ̀kùn lásán ló ṣí. Afẹ́fẹ́ inú táńkì á sáré lọ sí ìdí táyà, níbi tí agolo irin kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní búsítà. Rọ́bà fífẹ̀ kan wà nínú agolo náà. Èyí tó wọ́pọ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 30 níbùú lóròó. Bí afẹ́fẹ́ 100 bá tì í, agbára tó ń jáde jẹ́ 100 lọ́nà 30, ìyẹn 3,000 pọ́n-ùn, tó lé ní tọ́ọ̀nù kan, lórí táyà kan ṣoṣo. Rọ́bà á ti ọ̀pá kan síta, ọ̀pá á ti apá irin kan, apá náà á yí irin tó rí bíi lẹ́tà S, irin yẹn á sì ya ṣúù bíréèkì méjèèjì sọ́tọ̀ títí wọn yóò fi há mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù.

Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an nìyí. Lẹ́yìn búsítà àwọn táyà ẹ̀yìn, agolo kejì wà, sípíríńgì ńlá kan sì ká jọ sínú rẹ̀. Sípíríńgì yìí ò fẹ́ nǹkan méjì ju kó nà, kó sì ti ọ̀pá bíréèkì. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń dá a lẹ́kun. Bí géèjì bá ti wálẹ̀ sí 60, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í dún níwájú awakọ̀. Bó bá wálẹ̀ sí àárín 45 sí 20, sípíríńgì á bọ́, á sì di ọkọ̀ mú láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́: George Westinghouse ará Amẹ́ríkà ti lo irú èrò bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin ní 1872, pé kí àìsí afẹ́fẹ́ máa di ọkọ̀ mú.

Nítorí náà, bí tírélà bá ń sáré bọ̀ tí bíréèkì kò mú un, ẹ̀sùn afẹ́fẹ́ nìkan kò tó. Ohun méjì ló yẹ ká kọ́kọ́ wò.

Èkíní ni ọ̀pá yẹn. Bí ṣúù ṣe ń jẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá ń rìn jìnnà sí i kó tó kan dúrọ́ọ̀mù. Lára búsítà oní-30 yìí, kò gbọdọ̀ rìn ju íǹṣì 2 lọ. Bó bá fi máa tó íǹṣì 2 àbọ̀, ó ti dé ìdí agolo, kò sí ibi tó tún lè lọ. Ẹ wá wo awakọ̀ kan tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè gígùn pẹ̀lú 30 tọ́ọ̀nù, tó yọ jíà kó lè dín epo kù. Bíréèkì nìkan ló ń dá gbogbo ẹrù yẹn dúró. Dúrọ́ọ̀mù á gbóná, irin tó bá sì gbóná á wú, á sún kúrò lọ́dọ̀ ṣúù. Ọ̀pá tó ń rìn íǹṣì 2 ní gáréèjì kò lè débẹ̀ mọ́. Géèjì ṣì ń fi 100 hàn o! Bó bá wá ń tẹ̀ ẹ́, tó ń tú u, tó ń tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á máa lọ, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ò sì ní í lè bá a mu torí ẹ́ńjìnì ò yára. Nígbà tí sípíríńgì bá fi máa bọ́, ọ̀pá kan náà lòun náà ń tì, sínú dúrọ́ọ̀mù kan náà tó ti wú. Kò ní í lè ṣe púpọ̀.

Èkejì, èmi ò lè pè é ní nǹkan mìíràn ju ìwà ọ̀daràn. Bí rọ́bà ibi sípíríńgì bá ya lójú ọ̀nà, sípíríńgì á bọ́, ọkọ̀ á sì dúró. Bóòtù gígùn kan wà tí wọ́n ṣe fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: mẹkáníìkì á tì í bọ ẹ̀yìn agolo, á fi fa sípíríńgì padà, kí wọ́n lè wọ́ ọkọ̀ lọ sí ibi àtúnṣe. Àwọn kan á fi í síbẹ̀, wọ́n á tún kẹ́rù. Táyà yẹn kò ní bíréèkì àìsí-afẹ́fẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá ṣe é fún mẹ́rin, afẹ́fẹ́ lè tán pátápátá, kí ohunkóhun má sì di ọkọ̀ mú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń fẹ́ tú agolo náà fúnra wọn. Sípíríńgì tó ká síbẹ̀ ní agbára bíi tọ́ọ̀nù kan, ó sì ti pa ènìyàn rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún awakọ̀. Ẹ ní kí ó máa tú omi inú táńkì lójoojúmọ́. Bí òróró bá ń bá a jáde, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti ń jẹ òróró ẹ́ńjìnì. Ẹ fi nǹkan dí táyà, kí bíréèkì wà ní títú, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ọ̀pá, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì, kí ẹ sì fi rúlà wọn bó ṣe rìn. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn àwọn agolo ìdí táyà ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí bóòtù gígùn tó yọ síta, ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ gbé ẹrù kankan jáde lọ́jọ́ náà.