Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Ìwé Ilẹ̀

Alẹ́ ti lẹ́, ìbuwọ́lùwé ku ọ̀la. Akọ̀wé lọ́yà kan n'Ìbàdàn ń yẹ ìwé títa ilẹ̀ ẹbí kan wò. Orúkọ pé, ìwọ̀n ilẹ̀ bá ìwé sọ́fè mu. Ṣùgbọ́n wọ́n pe bàbá tó ń tà á ní "onílẹ̀" dípò "aṣojú."

Ó pe ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ má bínú sà, ilẹ̀ ẹbí mà ni. Wọ́n kọ ọ́ bíi pé ti bàbá nìkan ni."

"Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Tún un kọ."

Lábẹ́ òfin, bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí bíi tara rẹ̀, òfo ni títà náà. Bó bá tà á lórúkọ ẹbí láìgba ohùn àwọn àgbà ìdílé, ó múlẹ̀, àfi bí wọ́n bá tètè pẹjọ́ kí ilé ẹjọ́ fagi lé e.

Akọ̀wé tún un kọ, ó sì fi àyè ìbuwọ́lùwé sílẹ̀ fún olórí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀, ọ̀kan nínú wọn ò wá. Lọ́yà sún ètò náà síwájú: àtúnkọ ò lè rọ́pò ìfọwọ́sí rẹ̀.