Ìṣirò ọ̀rá ara láti inú BMI: báwo ni ó ṣe péye tó?

Ẹni tí ó bá tẹ ìwúwo rẹ̀, gíga rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni òun, sínú ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù, lè rí iye kan gbà gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ọ̀rá ara rẹ̀. Iye bíi 38.7 máa ń dà bí ohun tí a fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó wọn ọ̀rá kankan. Àbá lásán ni, ó sì lè fi ọ̀pọ̀ kílógíráàmù yàtọ̀ sí òtítọ́.

Ọ̀kan lára àwọn ìlànà tí a mọ̀ jùlọ fún ìṣirò yìí ni èyí tí onímọ̀ nípa oúnjẹ, Paul Deurenberg, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì ní ọdún 1991. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ènìyàn 1,229, láti orí ọmọ ọdún 7 títí dé arúgbó ọdún 83. Inú omi ni wọ́n ti wọ̀n wọ́n, nítorí pé ọ̀rá fúyẹ́ ju iṣan àti egungun lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá ìlànà tí yóò sún mọ́ èsì náà láìlo omi. Ti àwọn tí ó ti ju ọmọ ọdún 15 lọ nìyí:

ọ̀rá (%) = 1.20 × BMI + 0.23 × ọjọ́ orí − 10.8 × S − 5.4

S jẹ́ 1 fún ọkùnrin, 0 fún obìnrin. Ìdí tí ọjọ́ orí fi wọ inú rẹ̀ ni pé iṣan máa ń dínkù bí ènìyàn ti ń dàgbà, ọ̀rá sì máa ń gba ipò rẹ̀, kódà bí ìwúwo kò bá yí padà. Bákan náà, ọ̀rá ara obìnrin máa ń pọ̀ ju ti ọkùnrin tí BMI wọn jẹ́ ọ̀kan náà.

Àpẹẹrẹ kan

Bí obìnrin ẹni ọdún 45 bá wúwo ní kílógíráàmù 72, tí ó sì ga ní mítà 1.60, a ó pín 72 pẹ̀lú 1.60 lọ́nà méjì, BMI rẹ̀ yóò sì jẹ́ 28.1. Ìlànà náà yóò fún un ní ìdá 38.7 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí kílógíráàmù 28 ọ̀rá.

Àmọ́ àwọn tí ó ṣe ìlànà náà fúnra wọn sọ pé àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 4. Ìtumọ̀ èyí ni pé nínú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rá àwọn méjì yóò wà láàárín nǹkan bí ìdá 35 sí 43. Ti ẹnì kẹta yóò bọ́ sí òde. Bí a bá fẹ́ gba nǹkan bí ènìyàn 95 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ra, a gbọ́dọ̀ fẹ̀ ẹ́ dé ìdá 31 sí 47, ìyẹn láti kílógíráàmù 22 sí nǹkan bí 34. Obìnrin tí ó ń ru ẹrù wúwo lójoojúmọ́ lè wà ní ìsàlẹ̀, èyí tí ó ń jókòó láti àárọ̀ di alẹ́ lè wà ní òkè, síbẹ̀ iye kan náà ni ìlànà yóò fún àwọn méjèèjì.

Ìran tún ní ipa tirẹ̀. Ní ọdún 1998, Deurenberg àti àwọn mìíràn kó àwọn ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ. Wọ́n rí i pé fún ìwọ̀n ọ̀rá kan náà, BMI àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà fi 1.3 ga ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, nígbà tí ti àwọn ará Etiópíà fi 4.6 kéré sí i. Nítorí náà, a kò lè fi àtúnṣe kan ṣoṣo kan gbogbo ọmọ Áfíríkà.

Nígbà tí ìwúwo bá dínkù

Bí obìnrin náà bá dín kílógíráàmù 5 kù láàárín oṣù díẹ̀, èsì yóò bọ́ láti 38.7 sí 36.4. Ṣùgbọ́n gíga àti ọjọ́ orí rẹ̀ kò yí padà, nítorí náà ìwúwo nìkan ni ó mú èsì náà yí. Bí ó bá jẹ́ iṣan ni ó pàdánù, tàbí ọ̀rá, tàbí omi, ọ̀kan náà ni lójú ìlànà yìí. Kò sọ ohunkóhun tí òṣùwọ̀n kò tíì sọ. Kódà, bí wọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà 2 dín gíga rẹ̀ kù nígbà ìwọ̀n, èsì yóò fi nǹkan bí ìdá 0.9 lọ sókè láìsí ọ̀rá tuntun kankan.

Ohun tí ó lè sọ púpọ̀ sí i ni okùn ìwọ̀n tí a fi yí ikùn ká, nítorí ọ̀rá inú ikùn ni ó léwu jù fún ọkàn àti fún àtọ̀gbẹ. Láti ọdún 2022 ni ìtọ́sọ́nà ìlera ní Ìlú Ọba ti ń gba àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí ìbú ikùn wọn má ṣe tó ìdajì gíga wọn. Fún obìnrin inú àpẹẹrẹ yìí, ìyẹn ni pé kí ó wà ní ìsàlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 80. Bí ìbú ikùn bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, èyí yẹ fún ìbéèrè lọ́dọ̀ dókítà, yálà iye orí fóònù ga tàbí ó kéré.