Fọ́tò Kò Ní Ọwọ́: Ohun Tí Fóònù Kò Lè Rí Lára Awọ Wa

Láyé òní, bí nǹkan bá yọ sí ọmọ lára ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí ní Àgọ́-Ìwòyè, kí ìyá rẹ̀ tó wá òrí tàbí ọṣẹ dúdú, fóònù ló kọ́kọ́ máa ń fà yọ. Yóò ya ibẹ̀, yóò fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù sí àbúrò tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí kó gbé e sínú áàpù tó ń wo awọ ara tó sì ń sọ orúkọ àrùn. Kò pẹ́ tí ìdáhùn fi máa dé: "Làpálàpá ni." Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni yẹn, tàbí áàpù yẹn, rí gan-an kó tó sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní bàbá kan tó ń dá oko kòkó lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó rí àbàwọ́n kan ní apá rẹ̀ òsì, lókè ìgúnpá. Kò ju ìdérí ìgò míníra lọ. Àwọ̀ ibẹ̀ ṣá ju ara yòókù lọ, ó sì gbẹ díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀. Nínú fọ́tò, ohun tó hàn ni nǹkan roboto tó ṣá, tí etí rẹ̀ hàn díẹ̀. Ẹni tó wò ó rántí gbogbo làpálàpá tó ti rí rí, ló bá ní kí wọ́n lọ ra ìpara. Kò burú pé ó rò bẹ́ẹ̀, torí làpálàpá wọ́pọ̀ láàárín wa gan-an, ẹni tó ń méfò sì máa ń mú èyí tó wọ́pọ̀ ni. Àmọ́ àrùn mìíràn wà tó lè jọ ọ́ nínú fọ́tò bí ìbejì, ìyẹn ni ẹ̀tẹ̀.

Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò sí nínú fọ́tò. Làpálàpá máa ń yún, etí rẹ̀ máa ń ga díẹ̀, ó sì máa ń ṣí èépá. Àbàwọ́n ẹ̀tẹ̀ kì í sábà yún, kì í sì í sábà dunni. Ńṣe ni ibẹ̀ máa ń kú, bí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lé e pẹ́: nǹkan á kàn án, onítọ̀hún ò ní mọ̀. Kòkòrò ẹ̀tẹ̀, tí dókítà Hansen, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, rí ní ọdún 1873, máa ń wọ inú iṣan tó ń jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan kàn wá lára. Kámẹ́rà wo ló fẹ́ ya ìyẹn?

Ẹni tó bá wà nítòsí lè yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ mú òwú díẹ̀, ẹ lọ́ orí rẹ̀ kó di ṣóńṣó. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ibi tó dára lára rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, kó lè mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Lẹ́yìn náà, kó di ojú. Ẹ fi òwú kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má fi nù ún, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Kó fi ìka kan tọ́ka sí ibi tó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣe é lórí ara tó dára, ẹ ṣe é láàárín àbàwọ́n, ẹ tún padà sórí ara tó dára. Nígbà mìíràn, ẹ má kàn án rárá, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ńṣe ló kàn ń méfò. Bó bá ń tọ́ka dáadáa níbi gbogbo, tó wá jẹ́ pé àárín àbàwọ́n nìkan ni kì í ti í dáhùn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìpara, ilé ìwòsàn ló kàn.

Bó bá mọ̀ ọ́n níbi gbogbo ńkọ́? Ìyẹn ò tíì fọ̀rọ̀ náà tì. Àbàwọ́n ẹ̀tẹ̀ tó bá wà lójú, fún àpẹẹrẹ, lè má kú rárá. Ọmọ kékeré náà kì í ṣe ẹni téèyàn lè fi ìdáhùn rẹ̀ ṣẹ̀rí. Bí ìpara làpálàpá bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lára tí nǹkan ò sì yí padà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fọwọ́ kàn án.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí nìyí. Ẹ̀tẹ̀ ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láti ìgbà tí kòkòrò rẹ̀ bá ti wọ ara títí àmì á fi yọ, ó sábà máa ń gba nǹkan bí ọdún márùn-ún, ó sì lè tó ogún ọdún. Oṣù kan tí wọ́n fi pa ìpara kọ́ ni ewu tó wà níbẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé orúkọ tí fọ́tò fún un ti pa ọkàn gbogbo ilé rọ̀. Ọdún á wá yí lu ọdún, iṣan á máa kú lọ, títí ìka á fi ká kò, tàbí tí iná á fi jó ẹsẹ̀ tí onítọ̀hún ò ní mọ̀. Iṣan tó bá ti kú tán kì í sábà jí mọ́. Bẹ́ẹ̀, oògùn wà. Láti ọdún 1995 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń rí sí i pé ọ̀fẹ́ ni. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń lò ó fún ẹni tí tirẹ̀ kò tíì pọ̀, oṣù méjìlá fún ẹni tí tirẹ̀ ti pọ̀. Ẹni tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í pẹ́ tí kò fi ní lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́, nítorí náà kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi máa lé e kúrò nídìí àwo.

Lápá Àbígí àti àwọn abúlé etí omi ní Ògùn Wọ́tásáìdì, ohun mìíràn tún wà tí ọwọ́ ń mọ̀ tí fọ́tò ò mọ̀. Àrùn Bùrúlì, tó máa ń bá àwọn tó ń gbé nítòsí àbàtà àti omi tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàn, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré kan lábẹ́ awọ. Lójú fọ́tò, eéwo ni. Àmọ́ eéwo gbóná, ó sì máa ń dun olówó rẹ̀. Kókó Bùrúlì le, kì í sì í sábà dunni. Bó bá wá bẹ́, awọ etí egbò náà á ti ṣófo lábẹ́, débi pé egbò gan-an tóbi ju èyí tójú rí lọ. Fọ́tò á fi egbò kékeré hàn yín, nígbà tó jẹ́ pé ó ti jẹ jìnnà. Àwọn ará Ògùn àti Èkó ti ń gba ìtọ́jú àrùn yìí ní Pobè, ìlú Yorùbá ní ilẹ̀ Benin, níbi tí ilé ìtọ́jú rẹ̀ wà. Oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ń lò fún un, bí wọ́n bá sì tètè dé, ó lè má sí pé wọ́n ń gé awọ.

Ẹ jẹ́ ká wá kan ti àwọ̀ wa. Áàpù ò gbọ́n ju àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó àwòrán 656 jọ, ti awọ funfun àti ti awọ dúdú, tó jẹ́ pé wọ́n ti gé díẹ̀ lára ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò, kí orúkọ àrùn lè dá wọn lójú. Wọ́n fi àwòrán náà dán ètò kọ̀ǹpútà mẹ́ta wò. Àwọn ètò náà ṣàṣìṣe lórí awọ dúdú ju lórí awọ funfun lọ. Àwọn dókítà awọ tí wọ́n ní kí wọ́n wo fọ́tò nìkan náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi àwòrán awọ dúdú kún ẹ̀kọ́ àwọn ètò náà, ìyàtọ̀ yẹn dín kù. Ohun tí ìwé àwọn òyìnbó ń pè ní "ara pípọ́n", lára wa, ó lè dúdú sí i, ó lè rí bí èsè àlùkò, ó sì lè má hàn rárá àfi kéèyàn fọwọ́ kàn án kó rí i pé ó gbóná.

Ìpara pẹ̀lú ń bá fọ́tò jẹ́. Èyí tí mo ní lọ́kàn ni àwọn ìpara inú túùbù tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀, tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà, tí ọ̀kan nínú mẹ́ta náà jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù. Sítẹ́rọ́ọ̀dù á pa yíyún, á mú kí etí làpálàpá náà wálẹ̀, gbogbo ilé á sì yọ̀ pé ó ti ń sàn. Lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ń tàn ká. Ẹni tó bá ya fọ́tò rẹ̀ nígbà yẹn, làpálàpá tó ti pàwọ̀ dà ló yà, kódà dókítà lè má dá a mọ̀. Ìpara tó ń bóra náà sábà máa ń ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú. Nítorí náà, ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́ láì sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti fi pa á, títí kan àgbo àti ọṣẹ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yà á, ẹ kọ́kọ́ fọ osùn, ẹfun, àdí àti òrí kúrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Osùn á sọ ọ́ di pupa, àdí á máa dán. Bí gbẹ́rẹ́ tuntun bá wà nítòsí, ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Ìta gbangba lábẹ́ ìbòòji ló dára jù, láì tan iná fóònù. Ẹ gbé aṣọ funfun jìnnà síbẹ̀, torí kámẹ́rà máa ń wọn ìmọ́lẹ̀ gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, aṣọ funfun á sì mú kí awọ dúdú kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ pa ohun tó ń mú ojú dán nínú fóònù. Ya ọ̀kan láti òkèèrè kí ibi tó wà lára lè hàn, ọ̀kan nítòsí pẹ̀lú igi ìṣáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìwọ̀n, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ kí gíga rẹ̀ lè hàn. Wásáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀, ó dára kẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì. Ìhòòhò ọmọ kò gbọdọ̀ bá a lọ.

Bí ìdáhùn bá dé, ẹ má gba orúkọ kan ṣoṣo. Áàpù tí Gúgù kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021 pàápàá, tí wọ́n ní yóò máa gba fọ́tò mẹ́ta tí yóò sì máa béèrè ìbéèrè, orúkọ mélòó kan tó ṣeé ṣe ni wọ́n ní yóò máa mú wá látinú àrùn 288, wọn ò ní yóò máa dájọ́. Ẹ bi ẹni tó dáhùn pé: kí ló tún lè jẹ́, kí sì ni a lè fọwọ́ yẹ̀ wò nílé láti yà wọ́n sọ́tọ̀? Fọ́tò wúlò jù láti fi mọ̀ bóyá nǹkan ń tóbi: ẹ ya ibì kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nínú irú ìmọ́lẹ̀ kan náà, pẹ̀lú igi ìṣáná kan náà.

Ìgbà mìíràn wà tí kò yẹ kẹ́ ẹ dúró ya fọ́tò rárá: bí ojú tàbí ètè bá ń wú tí mímí sì ń ṣòro, bí awọ bá ń léròrò tàbí tó ń bó lẹ́yìn tí èèyàn lo oògùn, tí ẹnu náà sì ń bó, bí ibi tó gbóná tó sì ń dunni bá ń tàn ká kíákíá pẹ̀lú ibà. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Fún àbàwọ́n tó kú, tàbí kókó tí kì í dunni, ẹ béèrè ní ibùdó ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín fún òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ikọ́ ife àti ẹ̀tẹ̀. Ẹ mú túùbù ìpara náà dání, kódà bó ti tán, ẹ sì má pa fọ́tò àtijọ́ rẹ́ kúrò lórí fóònù.