Nígbà Tí Apá Gidi Bá Jẹ́ Òdì: Igun Wo Ni Kí A Kọ?

Bí oníṣẹ́ iná bá gbé mítà sí àárín fẹ́ẹ̀sì kan àti nútírà ní ilé-iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà, nǹkan bíi 240 fóltì ló yẹ kó rí. Bí ó bá wá gbé e sí àárín fẹ́ẹ̀sì méjì, 415 ni yóò rí. Ẹni tó bá ti ra ẹ̀rọ ọlọ oní-fẹ́ẹ̀sì-mẹ́ta rí ti mọ 415 yìí, nítorí wọ́n máa ń kọ ọ́ sára mọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí 240 méjì kò fi di 480, tí kò sì di òdo? Ìṣirò tó dáhùn ìbéèrè náà kò gùn, àmọ́ ibì kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ ṣubú. Ẹni tó bá ṣì í níbẹ̀ yóò rí 240 dípò 415, kò sì ní rí ohun tó burú nínú iṣẹ́ rẹ̀ bó ti wù kó yẹ̀ ẹ́ wò tó, nítorí pé ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ kò ṣẹ̀, òun náà kò sì tẹ nọ́ńbà kankan ní àṣìtẹ̀.

Iná tí wọ́n ń pín fún wa kì í dúró sójú kan. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sísàlẹ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Fẹ́ẹ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í dé góńgó pọ̀. Bí pupa bá ti débẹ̀, yẹ́lò á tẹ̀lé e lẹ́yìn ìdá mẹ́ta ìyípo kan, búlúù á sì tẹ̀lé yẹ́lò bákan náà. Odidi ìyípo kan jẹ́ 360 dìgírì, nítorí náà 120 dìgírì ló wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà lásán kò fi tó láti ṣàpèjúwe fóltéèjì bẹ́ẹ̀: ó nílò títóbi, ó sì nílò igun. Ní 1893, Charles Steinmetz fi han àwọn ẹnjiníà níbi àpérò àgbáyé kan ní Ṣikágò pé nọ́ńbà kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì lè gbé méjèèjì pọ̀, ọ̀nà rẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń lò títí dòní.

Nọ́ńbà kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì ní apá méjì. A ń kọ ọ́ báyìí: x + jy. x ni apá gidi, y ni apá àfinúrò. Àwọn oníṣirò a máa lo i níbi tí àwọn ẹnjiníà ti ń lo j, nítorí pé i ti jẹ́ orúkọ kọ́rẹ́ǹtì lọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà. Caspar Wessel, ọmọ Nọ́wè tó ń wọn ilẹ̀ tó sì ń ya máàpù ní Dẹ́nímáàkì, ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní kedere pé a lè ya irú nọ́ńbà yìí sórí ìwé bí ìlà tó ní gígùn àti ìdojúkọ. Ó gbé iṣẹ́ náà síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ Dẹ́nímáàkì ní 1797, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1799, ṣùgbọ́n èdè àwọn ará Dẹ́nímáàkì ló fi kọ ọ́, kò sì sí ẹni tó fiyè sí i fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò yà mí lẹ́nu pé awọnlẹ̀ ni èrò náà kọ́kọ́ wá sí lọ́kàn. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni láti sọ bí ibì kan ti jìnnà tó àti apá ibi tó wà.

Ọ̀nà méjì la lè gbà júwe ojúlé kan fún àlejò. A lè ní kó rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ọ̀tún, kó wá rin mẹ́rin síwájú. A sì lè ní kó kọjú sí apá ibi báyìí, kó rin ìṣísẹ̀ márùn-ún tààrà. Ibì kan náà ni yóò já sí. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ìrísí rẹkitángúlà, 3 + j4. Èkejì ni ìrísí pólà: gígùn 5, igun 53.13 dìgírì, tí a ń kà láti ìlà tó lọ sápá ọ̀tún, tí a sì ń yí sókè lọ.

Láti pólà sí rẹkitángúlà, kò sí wàhálà kankan. Gígùn, tí a ń pè ní r, a ó sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú kósáìnì igun láti rí x, a ó sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú sáìnì láti rí y. Kósáìnì àti sáìnì mọ apá ibi tí igun wà. Bí ó bá wà lápá òsì, kósáìnì fúnra rẹ̀ á mú àmì òdì wá.

Ìgbà tí a bá ń padà bọ̀ ni ọ̀ràn yí. Gígùn rọrùn: r = √(x² + y²). Láti rí igun, ìwé á ní kí a pín y sí ọ̀nà x, kí a wá tẹ tan⁻¹. Ẹ jẹ́ kí a gbé −3 + j4 wò. Gígùn rẹ̀ ṣì jẹ́ 5. Bí a bá pín 4 sí ọ̀nà −3, a ó rí −1.333, ẹ̀rọ ìṣirò á sì dáhùn pé −53.13 dìgírì. Ẹ yà á síwèé, ẹ ó rí i pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. −3 + j4 wà lápá òsì, lókè. Igun −53.13 sì tọ́ka sí ọ̀tún, nísàlẹ̀.

Pípín yẹn ló gbé àmì mì. Ẹ mú 3 − j4, tó wà ní òdìkejì gan-an, kí ẹ pín −4 sí ọ̀nà 3: −1.333 náà ni. Ibi méjì tó kọjú síra wọn gba àárín kọjá fún wa ní ìdáhùn kan náà, nígbà tí −1.333 bá sì dé ọwọ́ ẹ̀rọ, kò sí ohun tó lè fi mọ èyí tí a ní lọ́kàn nínú méjèèjì. Ó ní láti mú ọ̀kan, wọ́n sì ti ṣe é kó máa dáhùn láàárín −90 àti 90 nìkan, èyí tí í ṣe apá ọ̀tún. Nítorí náà, bí x bá ju òdo lọ, ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà. Bí x bá jẹ́ òdì, ìdáhùn náà yóò fi 180 dìgírì gédégédé yàtọ̀ sí òótọ́. Kì í fi 90 yàtọ̀, kì í fi 45 yàtọ̀. A ó kàn fi 180 kún un: −53.13 + 180 = 126.87. Ìyẹn wà láàárín 90 àti 180, lápá òsì lókè, níbi tí −3 + j4 wà.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ dá a padà sí rẹkitángúlà. Kósáìnì 126.87 jẹ́ −0.6, ìlọ́po 5 rẹ̀ jẹ́ −3. Sáìnì rẹ̀ jẹ́ 0.8, ìlọ́po 5 rẹ̀ jẹ́ 4. Bí ẹ bá fi −53.13 ṣe é, 3 − j4 ni yóò padà fún yín, àṣírí á sì tú lójú ẹsẹ̀. Ní tèmi, yíyà á síwèé kí a tó tẹ ẹ̀rọ ló dára jù. Àwòrán wúruwùru ti tó, kó ṣáà fi hàn bóyá apá òsì ni tàbí apá ọ̀tún, òkè tàbí ìsàlẹ̀.

Ó wá ku 415. Ẹ jẹ́ kí fẹ́ẹ̀sì pupa jẹ́ 240 ní igun òdo, kí yẹ́lò jẹ́ 240 ní igun −120. Ní ìrísí rẹkitángúlà, pupa jẹ́ 240 + j0. Kósáìnì −120 jẹ́ −0.5, sáìnì rẹ̀ jẹ́ −0.866, nítorí náà yẹ́lò jẹ́ −120 − j207.8. Ohun tí mítà ń wọn láàárín méjèèjì ni ìyàtọ̀ wọn. Bí a bá yọ yẹ́lò kúrò lára pupa, a ó rí 360 + j207.8, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 415.7. Òun nìyẹn. Apá gidi rẹ̀ ju òdo lọ, nítorí náà a lè gba ohun tí ẹ̀rọ bá sọ nípa igun rẹ̀ gbọ́: 30 dìgírì.

Ká wá ní yẹ́lò ni wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìrísí rẹkitángúlà, −120 − j207.8, tí wọ́n ní kó sọ ọ́ di pólà kó tó máa bá iṣẹ́ lọ. Ó pín −207.8 sí ọ̀nà −120, àmì òdì méjèèjì pa ara wọn rẹ́, ó rí 1.732. Ẹ̀rọ ní 60 dìgírì. Kò sí àmì òdì kankan lójú rẹ̀ mọ́ tí ìbá mú un fura, ìdí nìyí tí mo fi ka apá òsì ìsàlẹ̀ sí èyí tó léwu jù. Láti ibí lọ, yẹ́lò rẹ̀ ti di 120 + j207.8. Bí ó bá yọ ọ́ kúrò lára pupa, 120 − j207.8 ló kù, gígùn ìyẹn sì jẹ́ 240. Mítà ní 415, ìwé ní 240. Bí ó bá ṣe irú àṣìṣe kan náà fún búlúù, tó jẹ́ −120 + j207.8, yóò kọ −60 síbi tó yẹ kó kọ 120. Bí ó bá wá ro fẹ́ẹ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 480 ni yóò rí, bẹ́ẹ̀ òdo ló yẹ kó jẹ́.

Ohun tó ń jẹ́ kí èyí pẹ́ kó tó hàn ni pé wọ́n sábà máa ń fi ìmípídáǹsì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Apá gidi ìmípídáǹsì ni rẹsisítáǹsì, rẹsisítáǹsì wáyà, mọ́tò àti gílóòbù kì í sì í jẹ́ òdì. Gbogbo àpẹẹrẹ wà lápá ọ̀tún, tan⁻¹ sì ń dáhùn dáadáa. Ìgbà tí wọ́n bá dé orí fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta, tí méjì nínú mẹ́ta wà lápá òsì, ọwọ́ ti mọ́ bọ́tìnì yẹn.

Bí x bá jẹ́ òdo gan-an, kò sí pípín rárá, ẹ̀rọ á kọ̀. Àwòrán ló máa dáhùn: 90 bí y bá wà lókè, −90 bí ó bá wà nísàlẹ̀. Bí méjèèjì bá jẹ́ òdo, kò sí igun kankan. Ẹ má sì jẹ́ kí 240 àti −120 dààmú yín; ibì kan náà ni wọ́n ń tọ́ka sí, 360 ló wà láàárín wọn.

Kọ̀ǹpútà ní àṣẹ kan tó ń gba x àti y lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìkọ́kọ́ pín wọn, tó fi lè rí àmì méjèèjì:

```python
import math
math.degrees(math.atan2(4, -3))
```

126.87 ló máa fún yín. Ẹ kíyè sí i pé y ló ṣáájú níhìn-ín. Nínú Excel, x ló ń ṣáájú: `=DEGREES(ATAN2(-3,4))`. Ẹni tó bá ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì lè yára fi −3 àti 4 dán an wò kó tó kó iṣẹ́ gidi lé e lórí, bí −36.87 bá jáde dípò 126.87, nọ́ńbà méjèèjì ti gba ipò ara wọn.