Àtẹ̀jíṣẹ́ Tó Lè Gbé Ẹni Tí Oorun Ń Dà Láàmú Dìde

Ṣé ẹnì kan wà tó ní kí o máa jí òun láràárọ̀? Àbúrò mi kan ní Ìkáràm-Àkókó bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká máa pè é ní Àkànjí. Àkùngbá ló ti ń lọ sí yunifásítì, aago 8 ni kíláàsì rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ mọ́tò dé Ìkàrẹ́ kó tó wọ òmíràn. Tí kò bá dìde ní aago 5:30, ó ti pẹ́ nìyẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ jí mi. Ẹ má gbà fún mi o."

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ ni, "Dìde, ọ̀lẹ!" Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣiṣẹ́, torí pé ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe é. Aago kan wà nínú ọpọlọ wa tó ń sọ ìgbà tí oorun yóò kùn wá. Láti ìgbà ìbàlágà títí di nǹkan bí ọmọ 20 ọdún, ṣe ni aago yìí máa ń falẹ̀: oorun kì í tètè kun ọ̀dọ́ lálẹ́, kì í sì í tètè dá lójú rẹ̀ láàárọ̀.

Nǹkan kejì tún wà. Tí ojú bá là, kì í ṣe gbogbo ọpọlọ ló jí pọ̀. Apá iwájú tí a fi ń pinnu nǹkan máa ń pẹ́ kó tó ta jí. Ó lè gba ìṣẹ́jú 15 sí 30, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ènìyàn ò bá sùn tó. Àsìkò yìí ni ẹnì kan á ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, á dáhùn pé "Mo ti jí," á sì padà sùn. Tó bá yá, kò ní rántí pé òun dáhùn.

Nítorí náà, ohùn ló ń la ojú. Iṣẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ni láti mú un kọjá ààbọ̀ wákàtí tó tẹ̀ lé e. Mo máa ń kọ́kọ́ pe Àkànjí lórí fóònù, mo sì máa ń fi oríkì rẹ̀ pè é. Ní 1960, Ian Oswald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka oríṣiríṣi orúkọ sí etí àwọn tó ń sùn. Wọ́n rí i pé orúkọ ẹni máa ń ru ọpọlọ ẹni sókè ju orúkọ ẹlòmíràn lọ. Àwọn ìyá wa tó ń fi oríkì jí ọmọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi èyí ránṣẹ́:

"Àkànjí, aago 5:30 ti lù. Gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Tan iná. Bu omi sójú. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé o ò fẹ́ wọ kíláàsì lẹ́yìn olùkọ́ mọ́. O jí lánàá, wàá jí lónìí. Mi ò fẹ́ 'mo ti jí' o. Fọ́tò búrọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bókẹ́ẹ̀tì omi ni mo fẹ́ kó tó di 5:45. Tí mi ò bá rí i, mò ń pè."

Wo bí mo ṣe tò ó. Ohun kékeré ni mo ń ní kó ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan, torí pé kò tíì lè ro ohun tó gùn. Ìdí tó fi fẹ́ jí, ẹnu ara rẹ̀ ló ti wá. Fọ́tò náà ò sì ṣeé yà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ti iná ńkọ́? Ní Àkókó, ó máa ń kọjá aago 6 kí oòrùn tó yọ, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń sọ fún aago inú ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Tí kò bá sí iná, kó tan tọ́ọ̀ṣì. Tó bá ń dúró de mọ́tò, kó dúró síta: ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ lójoojúmọ́ máa ń fa aago náà wá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, oorun á sì máa tètè kùn ún lálẹ́.

Ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ ò lè san gbèsè oorun. Ọ̀dọ́ nílò wákàtí 7 sí 9. Tí Àkànjí bá sùn ní aago 1 òru, wákàtí 4 àbọ̀ péré ló ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi òmíràn ránṣẹ́ ní 9:30 alẹ́: "Gbé fóònù sílẹ̀. Aago 10, kí n má rí ẹ lórí ìlà." Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tìrẹ jẹ gbèsè, wo ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò jí i. Tó bá sùn kọjá àkókò tó máa ń jí fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, ó jẹ gbèsè nìyẹn. Tó bá wá ń sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ṣì ń tòògbé ní ọ̀sán, tàbí tó ń hanrun tí èémí rẹ̀ sì ń dá dúró lójú oorun, ọ̀rọ̀ ti kọjá àtẹ̀jíṣẹ́. Kó lọ rí dókítà.